Ìpínrọ̀ Kan Nínú Lẹ́tà Ìwáṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Ṣàlàyé Sátífíkéètì Tuntun fún Ẹni Tí Kò Mọ Iṣẹ́ Náà

Ìpínrọ̀ tó máa ń ṣòro kọ jù nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni èyí tí a fi ń sọ nípa sátífíkéètì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, pàápàá nígbà tí ilé iṣẹ́ tí a ń kọ̀wé sí kì í ṣe irú èyí tí a ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá ń kúrò ní báǹkì kan lọ sí báǹkì mìíràn, orúkọ sátífíkéètì rẹ̀ nìkan ti tó. Ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́ níbẹ̀ mọ bí ìdánwò náà ṣe le tó, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà ti jókòó ṣe é rí. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá ń fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, orúkọ tó ń dún gbàǹgbà ní ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lè má ju lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò nítumọ̀ lọ ní èkejì. Ẹni tó ń ka lẹ́tà náà kò ní lọ wádìí rẹ̀. Lẹ́tà mìíràn pọ̀ nílẹ̀ tí yóò kà.

Iṣẹ́ ìpínrọ̀ yìí ni láti fi ohun tí ènìyàn ṣe kó tó gba sátífíkéètì náà hàn, kí ó sì so ó mọ́ ohun tí ilé iṣẹ́ tuntun ń fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe. CV ti ní àyè tirẹ̀ fún orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà. Lẹ́tà ni a ti ń ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tẹ̀ lé e débi tó parí sí. Ká sọ pé ọkùnrin kan ti ṣe alábòójútó fún ọdún 8 ní ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà di fúláwà ní Àpápá, l'Ékòó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò sátífíkéètì àgbáyé ti NEBOSH lórí ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó ààbò àti ìtọ́jú ilé: kí àwọn òṣìṣẹ́ má máa fi ẹ̀yìn pa níbi tí wọ́n ti ń gbé aláìsàn, kí sìlíńdà ọ́síjìn wà níbi tó yẹ, kí èéfín jẹnẹrétọ̀ má máa wọ yàrá aláìsàn. Ọkùnrin yìí kọ̀wé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nírú ipò yìí kò yàtọ̀ sí èyí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni a ó fi gbé e kalẹ̀ níhìn-ín:

"Inú mi dùn láti fi tó yín létí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sátífíkéètì NEBOSH IGC, èyí tí gbogbo ayé kà sí òpómúléró ètò HSE. Mo tún gbọ́n nínú JHA, PTW àti LOTO. Pẹ̀lú sátífíkéètì yìí, ó dá mi lójú pé n ó gbé ètò ààbò yín dé òkè téńté."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kò rí nǹkan kan dì mú. Nínú ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn lẹ́tà gígé wọ̀nyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́: PTW ni ìwé àṣẹ tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eléwu, LOTO sì ni títi àgádágodo mọ́ ibi tí a ti ń tan ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má baà tan án nígbà tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́n bá gbé lẹ́tà yìí fún kò gbọ́ wọn rí. Gbólóhùn ìkẹyìn ló tún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ jù, nítorí pé ó ṣèlérí nípa ilé tí ẹni tó ń ṣèlérí kò tíì wọ̀.

Ohun mìíràn wà tó ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà tó yẹ kí ẹni tó ń kọ̀wé rántí. Oríṣiríṣi ìwé ẹ̀rí ààbò ló wà lóde. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní HSE ìpele 1, 2 àti 3, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń gbà nígbà tí wọ́n bá ń sin ilẹ̀ bàbá wọn, láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí iléèwé tó kọ́ wọn sì ń buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀. NEBOSH kì í ṣe irú ìyẹn. Àjọ olùdánwò ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1979. Iléèwé kan lè kọ́ni, ṣùgbọ́n NEBOSH ló ń gbé ìdánwò kalẹ̀, òun náà ló sì ń fúnni ní ìwé. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ààbò kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí àfi tí wọ́n bá sọ ọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a dárúkọ àjọ tó fúnni ní sátífíkéètì, kì í ṣe iléèwé tí a ti kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe òdì èyí: wọ́n á kọ orúkọ iléèwé tí wọ́n sanwó fún gàdàgbà, wọ́n á sì gbàgbé ẹni tó ṣèdánwò fún wọn.

Kí a tó lè ṣàlàyé sátífíkéètì, a gbọ́dọ̀ padà síbi tí a ti gbà á, ká wo ohun tí ìdánwò náà bèèrè lọ́wọ́ wa. Apá 2 ni sátífíkéètì yìí ní. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní IG1, jẹ́ ìdánwò tí wọ́n ti máa gbé ìtàn ibi iṣẹ́ kan fún olùdánwò, tí yóò sì fi ohun tó wà nínú ìtàn náà dáhùn ìbéèrè. Ó lè ṣí ìwé rẹ̀ wò. Ìkejì, IG2, kì í ṣe ti ìbéèrè rárá. Olùdánwò á lọ sí ibi iṣẹ́ gidi, á rìn ín já, á kọ ewu tó tó 10 ó kéré tán sílẹ̀, àwọn ewu náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irú kan ṣoṣo: ó gbọ́dọ̀ mú wọn láti ọ̀wọ́ 5 ó kéré tán, bí i iná, kẹ́míkà, gbígbé ẹrù, ẹ̀rọ, tàbí iná mànàmáná. Á sọ ẹni tí ewu kọ̀ọ̀kan lè ṣe lése àti bó ṣe lè ṣe é, ohun tí wọ́n ti ń ṣe sí i, àti èyí tó kù tó yẹ kí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ohun 3 tó jẹ́ kánjúkánjú jù nínú gbogbo rẹ̀, á sì gbèjà wọn: ìdí tí wọ́n fi ṣáájú, ohun tí òfin wí, àti bí wọn yóò ṣe dín ewu náà kù tó.

IG2 ni ohun iyebíye inú sátífíkéètì yìí fún ẹni tó ń yí iṣẹ́ padà, òun sì ni àwọn tó ń kọ lẹ́tà máa ń gbójú fò. Máàkì IG1 ni wọ́n máa ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kò mọ̀ bóyá máàkì 66 nínú 100 dára tàbí kò dára. Kò mọ̀ pé 45 ni èèyàn fi ń yege nínú ìdánwò yìí, àti pé láti 65 lọ ni wọ́n ti ń kà á sí àṣeyọrí tó gbayì. Tí a bá fẹ́ fi máàkì náà hàn án, àlàyé lórí àlàyé ni. Ṣùgbọ́n tí a bá sọ fún un pé ọkùnrin yìí rin ibi iṣẹ́ kan já, ó kọ ewu ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú, yóò yé e lójú ẹsẹ̀. Ohun tí òun náà ń fẹ́ kí ẹnì kan wá ṣe ní ilé ìwòsàn rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá gbé ìkéde iṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a ti ṣe, ká wá ibi tí méjèèjì ti pàdé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń pàdé, kò sì yẹ ká fipá mú un. Ní ilé iṣẹ́ fúláwà, fọ́ọ̀kìlífíìtì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ilé ìwòsàn kò ní fọ́ọ̀kìlífíìtì. Ẹ̀rọ ìlọ-àlìkámà ń pariwo débi pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo etí. Wọ́ọ̀dù kì í dún bẹ́ẹ̀. A ó fi ìwọ̀nyẹn sílẹ̀.

Ohun méjì ló kù tó bára mu gan-an. Èkíní ni ẹ̀yìn òṣìṣẹ́. Kílò 50 ni àpò fúláwà ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sì ń gbé e láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò fi ẹ̀yìn pa bí a kò bá tún bó ṣe ń gbé e ṣe. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé aláìsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ń gbé ohun tó wúwo jùyẹn lọ, tí kò sì ní etí tí a lè dì mú. Ìbéèrè kan náà ni a ń bi nípa àwọn méjèèjì: báwo ni ẹrù ṣe wúwo tó, ìgbà mélòó lójúmọ́, ibo ni ẹni tó ń gbé e dúró sí, ǹjẹ́ ohun èlò kan wà tó lè bá a gbé e?

Ìkejì ni iná. Fúláwà tó wà nínú àpò kì í ṣe nǹkan ẹ̀rù, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ tó bá gba afẹ́fẹ́ kan nínú yàrá tó há lè bú gbàmù bí ìtàpàrà iná kan bá kàn án. Ọ́síjìn náà rí bákan náà lójú ènìyàn. Kì í jó fúnra rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n bó bá ń jò nínú yàrá, ohun tó yẹ kó jó díẹ̀díẹ̀ yóò jó wàrà, àní aṣọ bẹ́ẹ̀dì pàápàá. Ẹni tó ti fi ọdún 8 kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti bẹ̀rù ohun tí kò jọ ohun ẹ̀rù ní nǹkan tó lè sọ fún ilé ìwòsàn. Ìsopọ̀ yìí lágbára ju kí ó sọ pé òun mọ̀ nípa iná lọ, nítorí pé ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí kò lè ronú kàn án.

Nígbà tí ọkùnrin náà bá tún ìpínrọ̀ rẹ̀ kọ pẹ̀lú gbogbo èyí lọ́kàn, ohun tí yóò jáde lè rí báyìí:

"Ní oṣù kẹta ọdún yìí, mo yege nínú apá méjèèjì sátífíkéètì àgbáyé lórí ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí NEBOSH, àjọ olùdánwò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fúnni, èsì ìdánwò ti jáde, mo ṣì ń retí ìwé rẹ̀. Fún apá kejì, mo rin ibi iṣẹ́ gidi kan já, mo kọ ewu ibẹ̀ sílẹ̀, mo sì sọ mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mójú tó àti ìdí rẹ̀. Ṣáájú èyí, mo ti fi ọdún 8 ṣe alábòójútó ní ilé iṣẹ́ fúláwà, níbi tí ohun méjì ti máa ń gba àkókò mi jù: ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé àpò oníkílò 50, àti eruku tó lè gbiná. Ìkéde yín mẹ́nu ba gbígbé aláìsàn àti ìtọ́jú sìlíńdà ọ́síjìn. Ìbéèrè kan náà ni mo máa fi yẹ̀ wọ́n wò. Ìdènà àkóràn jẹ́ ìmọ̀ tó ju ohun tí sátífíkéètì yìí kọ́ mi lọ, ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì yín sì ni mo ti fẹ́ kọ́ ọ."

Ìpínrọ̀ yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gùn ju báyìí lọ. Gbólóhùn mẹ́fà péré ni, ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́ yóò sì kà á tán ní ìdajì ìṣẹ́jú. Ìpínrọ̀ kejì nínú lẹ́tà ni àyè rẹ̀, lẹ́yìn èyí tó sọ irú iṣẹ́ tí a ń wá. Bí a bá fi ṣáájú, yóò dà bí ẹni pé sátífíkéètì nìkan ni a gbára lé. Bí a bá sì fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń kà á kò ní dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbólóhùn kejì tó yẹ ká dúró lé lórí. "Ibi iṣẹ́ gidi kan" ni ọkùnrin náà kọ, kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sọ ewu tó rí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe IG2 ló jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ṣe é, ìwé tí wọ́n sì kọ kún fún àléébù ilé iṣẹ́ náà: ọ̀nà àbájáde tí wọ́n fi ẹrù dí, wáyà tó ti bó, ẹ̀rọ tí kò ní ìdérí. Bí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti fi hàn pé òun lójú òye, ẹni tó ń ka lẹ́tà yóò bi ara rẹ̀ pé kí ni ọkùnrin yìí yóò lọ máa sọ nípa tiwa lọ́jọ́ tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa. Fún iṣẹ́ ààbò, tó jẹ́ pé àṣírí ilé oníṣẹ́ ni a ń wò lójoojúmọ́, àìlèpamọ́ nìkan tó láti fi dá lẹ́tà padà. Iye àti ọ̀nà ìṣe ni a ń sọ, a kì í sọ ohun tí a bá níbẹ̀.

Tuntun tí sátífíkéètì náà jẹ́ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Èsì ìdánwò máa ń jáde ṣáájú ìwé fúnra rẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ sì lè wà láàárín méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa ṣe kọ ọ́ ni ó tọ́: mo yege, èsì ti jáde, mo ń retí ìwé. Àṣà kan wà lórí CV ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń kọ ọ́ pé sátífíkéètì báyìí ń bọ̀ lọ́nà, yálà wọ́n ti ṣe ìdánwò tàbí wọ́n kàn ń gbèrò láti forúkọ sílẹ̀. Ó ti pọ̀ débi pé ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́ kì í ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ẹni tó bá ti yege apá kan, tí èkejì ṣì kù, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ oṣù tí yóò ṣe èyí tó kù. Kò sì sí àǹfààní nínú àbùmọ́, nítorí ilé iṣẹ́ lè béèrè lọ́wọ́ NEBOSH bóyá òótọ́ ni wọ́n fún ẹni náà ní sátífíkéètì.

Ìṣòro kejì tí tuntun ń mú wá ni ìbéèrè tí ẹni tó ń kà á yóò bi láìsọ ọ́ síta: ṣé oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ nípa ààbò ni? Ìdí nìyí tí ọdún 8 fi wọ inú ìpínrọ̀ kan náà. Iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ìdánwò ló kọ́ ọ ní ètò tí a fi ń tò ó. Bí ìrírí rẹ̀ bá wà ní ìpínrọ̀ mìíràn, tí sátífíkéètì sì wà nínú tirẹ̀, ẹni tó ń ka lẹ́tà kò ní so wọ́n pọ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn, tó sọ ohun tí sátífíkéètì kò kó, ni àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù jù. Wọ́n á ní ṣé èèyàn a máa fẹnu ara rẹ̀ tú àléébù ara rẹ̀ ni. Nínú ẹ̀kọ́ NEBOSH yìí, ibi kan wà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa kẹ́míkà àti kòkòrò àìfojúrí tó lè ṣe òṣìṣẹ́ lése, ṣùgbọ́n ìdènà àkóràn nílé ìwòsàn, bí a ṣe ń fọ ohun èlò iṣẹ́ abẹ, bí a ṣe ń ya abẹ́rẹ́ tí a ti lò sọ́tọ̀, ìmọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó bá ka lẹ́tà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ̀wé kò bá mẹ́nu bà á, nọ́ọ̀sì yóò rò pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà, èyí sì burú ju àìmọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan náà tí ilé iṣẹ́ tuntun kà sí pàtàkì jù ni kó sọ, gbólóhùn kan ni kó sì fi sọ ọ́. Bí ó bá to àìmọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, lẹ́tà náà di ìtọrọ àforíjì.

Àṣejù náà wà ní òdìkejì. Sátífíkéètì yìí kò sọ ènìyàn di ẹnjiníà ààbò, ipò rẹ̀ kò sì tó ti dìgírì. Ìpele 6 ni wọ́n fi sí nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Skọ́tílándì, ibi tí ọmọ tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ gíga girama wà. Àwọn kan tún máa ń kọ ọ́ pé àwọn ti gba ISO 45001. Ìlànà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ètò ààbò ilé iṣẹ́ lódindi ni ìyẹn, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ìwé rẹ̀ dá lọ́lá. Ènìyàn lè kọ́ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè gba ìwé lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ISO 45001 fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan.

Kí lẹ́tà náà tó kúrò lọ́wọ́, kí ọkùnrin náà fún ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní ìpínrọ̀ yẹn kà, ẹgbọ́n tàbí aládùúgbò, akọ̀wé gbígba káàdì pàápàá tó. Kí ó gba ìwé náà padà, kí ó sì ní kó sọ ohun tó kà fún òun. Bí ẹni náà bá sọ pé, "Wọ́n ní o gba sátífíkéètì kan," ìpínrọ̀ náà kò tíì ṣiṣẹ́. Bó bá sọ pé, "O máa ń yẹ ibi iṣẹ́ wò, o máa ń sọ èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, o sì fẹ́ wá wo ọ̀rọ̀ ọ́síjìn wa," lẹ́tà ti dọ́gba. Bí ó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tó ní kò yé òun, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n má ṣe fi àlàyé kún un.

Nọ́ńbà sátífíkéètì, ọjọ́ tí wọ́n fún un àti máàkì, bí ó bá dára, inú CV ni gbogbo wọn ń lọ, orúkọ náà ni a ó sì kọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí, kí ẹni tó bá fẹ́ wádìí lè rí i. Bí ìwé náà bá dé lẹ́yìn tí lẹ́tà ti lọ, kò sí ìdí láti kọ lẹ́tà tuntun: ìlà kan ránṣẹ́ sí ẹni kan náà, pẹ̀lú ẹ̀dà sátífíkéètì, ti tó.